Fóònù Tí Kò Fẹ́ Fi Ìsàlẹ̀ Sílẹ̀
Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìdí-Àràbà, nítòsí LUTH, ráútà kan wà ní pálọ̀ ìsàlẹ̀, èkejì wà lókè. Orúkọ kan náà, páásíwọ́ọ̀dù kan náà. Ẹ gòkè dé yàrá, ráútà wà lórí yín gan-an, síbẹ̀ fóònù ṣì di ti ìsàlẹ̀ mú bí ẹni tó ń sunkún ọkọ àárọ̀. Fídíò ń yí bìrí, bàbá ní dátà ló tán.

Ráútà kọ́ ló jẹ̀bi. Fóònù ló ń pinnu ìgbà tó máa ṣí lọ. Áífóònù, ẹni ńlá, kì í wá ibòmíràn àfi tí ìgbì bá rẹlẹ̀ ju -70 dBm lọ.

Ẹ wọ ètò ráútà ìsàlẹ̀, ẹ dín `Transmit Power` kù. Tí ó bá ní `Minimum RSSI`, ẹ fi -75 sí i: fóònù tí ìgbì rẹ̀ bá rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ráútà á já a sílẹ̀, fóònù á sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá tòkè lọ. Ẹ má fi -60 o, ẹni tó wà ní kíṣìnì ìsàlẹ̀ náà á máa já lemọ́lemọ́. Aládùúgbò tó ń fi Wáífáì yín wo bọ́ọ̀lù láti ojú fèrèsé rẹ̀ náà á já. Òun ni yóò kọ́kọ́ wá bi yín pé kí ló ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì.