Ẹ Jẹ́ N Gbá Bọ́ọ̀lù Orí Fóònù Mi Ní Àlàáfíà

Ẹ bá mi dá sí i o. Aránṣọ ni mí ní Ìsínkàn, ní Akúrẹ́ níbí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń tẹ ẹ̀rọ, bó bá sì di alẹ́, géèmù bọ́ọ̀lù orí fóònù nìkan ni fàájì mi. N kì í mutí, n kì í ta tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n lóde òní, tí mo bá fẹ́ wọ géèmù yìí lórí fóònù tuntun, mo ní láti wá ìwé tí mo kọ pásíwọ́ọ̀dù sí, kí n tún sáré tẹ nọ́ńbà mẹ́fà kó tó yí padà mọ́ mi lójú. Ìyàwó mi bi mí bóyá báńkì ni mo fẹ́ fọ́.

Àwọn olè ló fà á. Ọmọ àbúrò ìyá mi kan ń kàwé ní Oǹdó. Òun náà kó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù jọ nínú géèmù yìí. Owó oúnjẹ tí màmá rẹ̀ ń fi ránṣẹ́, ìdajì rẹ̀ ti di agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè. Gmail rẹ̀ ló fi ń wọlé, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gba Gmail náà ti gba géèmù náà nìyẹn. Kí wá ni pásíwọ́ọ̀dù Gmail ọ̀hún? Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, pẹ̀lú 123 nídìí. Pásíwọ́ọ̀dù kan náà ló fi sí ojú ewé tẹ́tẹ́. Òun kan náà ló tún fi sí ibì kan tí wọ́n ní wọ́n ti ń pín owó géèmù lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló ń pín owó lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà?

Ẹni tó gbé ọ̀fẹ́ kalẹ̀ yẹn kò fọ́ ohunkóhun. Ímeèlì àti pásíwọ́ọ̀dù tí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ló gbé lọ dán wò lórí Gmail, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kárí ayé nìyẹn. Bí wọ́n bá ti jí orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù kó níbì kan, ẹ̀rọ ni wọ́n ń ní kó máa tẹ̀ ẹ́ wò níbòmíràn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀lẹ wa pọ̀, ẹyọ kan là ń lò káàkiri. Bí olè náà ti wọlé, ó pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, ó yọ nọ́ńbà fóònù ọmọ náà, ó fi tirẹ̀ síbẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé Google ké sí i! Lóru ọjọ́ náà, ìkìlọ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Gmail rẹ̀ láti orí fóònù tí kò mọ̀ rí. Ọ̀gbẹ́ni ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe wèrè, ó yíjú sógiri, ó sùn. Ẹ sì wò ó, bí olè bá yọ nọ́ńbà yín kúrò, Google ṣì lè gbà kí ẹ fi nọ́ńbà àtijọ́ yẹn gba àkáǹtì padà láàárín ọjọ́ 7. Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan kó tó rántí pe èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ti ta ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ nígbà yẹn.

Kì í kúkú ṣe Oǹdó nìkan. Lóṣù Disẹ́ḿbà 2015, iléeṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ni Steam tí wọ́n ti ń ra géèmù kọ̀ǹpútà, fẹnu ara wọn sọ pé bí 77,000 àkáǹtì ni olè ń gbà lóṣooṣù, tí wọ́n ń kó ẹrù inú rẹ̀ tà. Wọ́n wá ní ẹni tí kò bá fi fóònù rẹ̀ ṣe ẹ̀rí, ẹrù tó bá fẹ́ gbé fún ẹlòmíràn lè dúró tó ọjọ́ 3, kí onílé lè rí àyè jí. Ti ọmọ Oǹdó yìí, ọjọ́ 3 kò ní tó o jí.

Èmi wá dẹni tó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀. Gbogbo àkáǹtì mi ló ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára wọn tan, tí mo so pọ̀. N kò fi abẹ́rẹ́ sí i, n kò fi òwú sí i, torí gbogbo Ìsínkàn ló mọ iṣẹ́ mi. Inú ìwé ìwọ̀n aṣọ ni mo kọ ọ́ sí, láàárín ìdí àwọn oníbàárà. Ẹni tó bá jí ìwé náà, kó kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ ìdí Ìyá Ṣọlá.

Ẹ̀rí kejì ló wá pa mí lẹ́kún. Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi bí tẹ́ẹ̀sì. Àṣé síìmù tí èèyàn bá pa tì, tí kò fi ṣe ohunkóhun tó ń mówó wọlé fún iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún oṣù 6, wọ́n lè tì í pa. Bó bá tún pẹ́ bẹ́ẹ̀ sí i, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Síìmù tí mo lò nígbà náà, mo ti jù ú sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ. Ẹlòmíràn ni ì bá máa ka kóòdù mi, ẹni tí n kò mọ̀ rí!

Mo bá lọ sí 2-Step Verification nínú Google, mo yan Authenticator. Wọ́n gbé àwòrán kan jáde tó dà bí aṣọ tí eku jẹ, áàpù náà yà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú nọ́ńbà mẹ́fà jáde, tí ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30 30. Kò fẹ́ dátà, kò fẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ohun ìkọ̀kọ̀ tó wà nínú àwòrán yẹn àti aago fóònù ló fi ń ṣírò rẹ̀. Google náà ń ṣírò tirẹ̀ lọ́hùn-ún, bó bá dọ́gba, ó di kó wọlé.

Aago, mo ní. Ọmọ iṣẹ́ mi gba fóònù mi, ó sún aago síwájú kí géèmù kan lè rò pé ilẹ̀ ti mọ́, kó fún un lẹ́bùn ọjọ́ kejì. Gbogbo nọ́ńbà tí mo tẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní kò tọ̀nà. Mo ti ń fi olè bú gbogbo àdúgbò kí n tó rí i pé aago mi ń sọ pé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, nígbà tí ẹyẹ ti sùn. Mo ní kí fóònù máa fúnra rẹ̀ ka aago, kóòdù ṣe. Ọmọ iṣẹ́ ń lọ̀ṣọ títí di ìsinsìnyí.

Kóòdù 10 kan tún wà tí Google ń fúnni, Backup codes, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, fún ọjọ́ tí fóònù bá sọnù. Mo fẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Alágbàkà, àfi tí mo rí i pé ẹ̀dà tó kù lórí ẹ̀rọ tiwọn ni gbogbo oníbàárà wọn yóò máa rí. Mo fọwọ́ dà á kọ, nọ́ńbà mẹ́jọ mẹ́jọ. Ojú ń ro mí.

Níjọ́ kan mo ń gé aṣọ, tẹ́ẹ̀sì wọlé sórí síìmù tí mo ń lò báyìí: G- àti nọ́ńbà mẹ́fà, láti ọ̀dọ̀ Google. Èmi kò sì béèrè. Bí mo ti ń wò ó, Wásáàpù ọmọ Oǹdó náà dún: “Báwo ni. Mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ sí mi kíákíá.” Wọ́n ti gba Wásáàpù rẹ̀ náà! Wọ́n lọ tẹ “mo gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù” sórí Gmail mi, nọ́ńbà sì wá sórí fóònù mi. Èmi nìkan ló kù tí yóò bá wọn ṣe é parí. Gbogbo ọ̀rọ̀ mẹ́rin mẹ́rin inú ìwé ìwọ̀n, gbogbo aago, gbogbo rẹ̀ ló lè di òfo.

Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn, kó tó tọrọ igba náírà lọ́wọ́ mi, á ti kí mi kú iṣẹ́, á béèrè ìyàwó, á béèrè oníbàárà. Òun ló fẹ́ sọ “báwo ni” fún mi? Òun ló ń pe fóònù mi ní “fóònù rẹ”? Mo dá a lóhùn pé kó kọ́kọ́ kí mi dáadáa.

Ó bulọ́ọ̀kù mi.