Ẹni tí Ṣòkòtò Rẹ̀ Kò Dọ̀tí

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Ekosodin, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ti gba ìlù tirẹ̀. Ó ku agbábọ́ọ̀lù ọwọ́ ẹ̀yìn wa, ẹni tí ayàwòrán gé kúrò nínú fọ́tò.

Wọ́n ní iye ìgbà tó fò mọ́lẹ̀ gba bọ́ọ̀lù ti dínkù ní sáà yìí. Ẹ rọra o! Irú ìṣirò yìí ni wọ́n ní ó wà nídìí bí Ferguson ṣe ta Jaap Stam fún Lazio lọ́dún 2001; Ferguson fúnra rẹ̀ padà gbà pé àṣìṣe ni. Ẹni tó ti dúró síbi tó yẹ, kí ló fẹ́ fò mọ́lẹ̀ ṣe?

Ẹ ka gólù tó wọlé wa nígbà tó wà lórí pápá, ẹ pín in sí iye ìṣẹ́jú, kí ẹ fi wé ìgbà tó jókòó síta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un.