Akọ̀wé Yín, Kòrólà Rẹ̀ àti Ìwé Ìńṣọ́ránsì Méjì

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, tí a ó máa pè ní akọ̀wé yín kí ojú má baà tì í jù, ní Kòrólà àlòkù kan tó ń wà kiri Ìbàdàn. Tó bá gbé e lọ sọ́jà, ₦6,000,000 ni wọ́n máa rà á. Nígbà tí ìwé ìńṣọ́ránsì ọkọ̀ náà parí, aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan to ìwé méjì síwájú rẹ̀ pé kó mú ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni tẹ́ẹ̀dì pátì, èyí tí òfin sọ di dandan fún gbogbo ọlọ́kọ̀ ní Nàìjíríà. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni Náíkọ́ọ̀mù, àjọ ìjọba tó ń darí iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì, ti gbé owó rẹ̀ láti ₦5,000 sí ₦15,000 lọ́dún fún ọkọ̀ àdáni. Bí ọlọ́kọ̀ bá ba mọ́tò tàbí ògiri ẹlòmíì jẹ́, ìwé yìí lè san tó ₦3,000,000 fún onítọ̀hún. Ní ti mọ́tò ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀, kò kàn án. Èkejì ni kọ́mpíríhẹ́nsíìfù. Òun ń ṣe ti àkọ́kọ́, ó tún ń tún ọkọ̀ tẹni ṣe, ó sì ń san iye rẹ̀ bí wọ́n bá jí i tàbí tó jóná. Náíkọ́ọ̀mù ní owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Ti Kòrólà yìí jẹ́ ₦300,000.

Akọ̀wé yín kì í ṣe ẹni tó máa ń fi owó ṣeré. Ó ní agolo Mílò kan tó ń kó rìsíìtì mẹkáníìkì sí. Ó tú u sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ṣírò ohun tí mọ́tò náà ti ná an láàárín ọdún mẹ́rin, ó sì lọ bá pánẹ́ẹ̀lì-bítà rẹ̀ kó sọ iye tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ lówó òde òní. Ọlọ́kadà kan ti gbá dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ₦35,000. Òkúta ta lu gíláàsì iwájú lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ₦85,000. Ní Challenge, nígbà tó ń wo obìnrin tó ń ta bọ̀ọ̀lì, ó lọ rọ́ lu ìdí mọ́tò ẹnì kan. Tirẹ̀ gba ₦190,000, ti ẹni ẹlẹ́ni gba ₦220,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦530,000.

Ó fò sókè. Kọ́mpíríhẹ́nsíìfù jẹ́ ₦300,000, àdánù rẹ̀ sì jẹ́ ₦530,000. Èrè ₦230,000 nìyẹn! Ó sanwó lọ́jọ́ náà gan-an.

Kó tó sanwó, ó ti gbìyànjú ọgbọ́n kan. Ó ní kí wọ́n kọ ₦3,000,000 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye ọkọ̀, kí owó ọdún lè dín kù sí ìdajì. Aṣojú ní, “Ọ̀gá, tí wọ́n bá jí i, ₦3,000,000 náà ni ẹ máa gbà o.” Ó bá yí ohùn padà pé ó yá, kí wọ́n kọ ₦10,000,000. Aṣojú náà rẹ́rìn-ín. Iye tí ọjà ń ná ọkọ̀ lọ́jọ́ tó sọnù ni ilé-iṣẹ́ ń wò, owó téèyàn bá sì san lórí ohun tó lé sórí rẹ̀, ó kàn dà á nù ni.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, akọ̀wé yín ń fi ẹ̀yìn wa mọ́tò jáde nílé àna rẹ̀, ó sì kọ lu òpó géètì. Bọ́ńpà ṣẹ́, iná ẹ̀yìn fọ́. Inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì-bítà, ó san ₦140,000, ó sì gbé rìsíìtì lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ adójútòfò bí ẹni tó lọ gba owó àjọ. Akọ̀wé ọ́fíìsì béèrè fọ́tò ibi tó ti fọ́. Kò sí. Ó béèrè ìwé ìdíyelé tó yẹ kó wá ṣáájú àtúnṣe. Kò sí. Ó wá sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ kò tíì rán ẹni wá wo ọkọ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n lè wò mọ́, torí bọ́ńpà tuntun ń dán lójú wọn. Wọn kò san kọ́bọ̀. Ó wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí: kéèyàn kọ́kọ́ fi tó wọn létí, kó má sì tún nǹkan kan ṣe títí wọn yóò fi yọjú.

Ìgbà tí ọdún yípo ni ìyàwó rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀, tún ìṣirò náà ṣe.

“Bàbá Ṣadé, owó ọdún mẹ́rin lẹ kó jọ, ẹ wá fi wé owó ọdún kan.”

Akọ̀wé yín dákẹ́. Ìyá Ṣadé fi òpó géètì kún un, ó di ọdún márùn-ún, ₦670,000. Ó wá yọ ₦220,000 ti mọ́tò Challenge kúrò, torí tẹ́ẹ̀dì pátì náà ìbá san án. Kò yẹ kó wà nínú ohun tí kọ́mpíríhẹ́nsíìfù fi dára jù. Ó ku ₦450,000, èyí tó jẹ́ ₦90,000 lọ́dún kan.

Síbẹ̀, kọ́mpíríhẹ́nsíìfù kò ní san gbogbo rẹ̀. Nínú ìwé yẹn, ọlọ́kọ̀ ló ń dá ₦25,000 àkọ́kọ́ san nígbàkígbà tó bá béèrè owó. Dígí ọlọ́kadà máa ku ₦10,000, ta ló máa tìtorí ìyẹn lọ jókòó sí ọ́fíìsì? Nínú mẹ́ta yòókù, wọ́n máa san ₦340,000, ìyẹn ₦68,000 lọ́dún, kódà ká ní ọ̀gbẹ́ni yìí mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè owó.

Nítorí náà, tó bá mú tẹ́ẹ̀dì pátì, ₦15,000 àti àtúnṣe ₦90,000 jẹ́ ₦105,000 lọ́dún. Tó bá mú kọ́mpíríhẹ́nsíìfù, ₦300,000 àti ₦22,000 tó ṣì máa bọ́ lápò rẹ̀ jẹ́ ₦322,000. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ₦217,000.

“Ẹ̀yin náà rí i,” ni akọ̀wé yín wí, “tẹ́ẹ̀dì pátì ló dáa.” Àṣìṣe mìíràn tún nìyẹn. Agolo Mílò kò lè sọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Kò sí rìsíìtì olè níbẹ̀, kò sí ti iná, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni mọ́tò náà ń sùn. Ọdún márùn-ún tó láti mọ iye ìgbà téèyàn ń fọ́ bọ́ńpà. Kò tó láti mọ iye ìgbà tí wọ́n ń jí odidi mọ́tò. ₦217,000 yẹn ni owó tó ń san nítorí ₦6,000,000, ìyẹn bí ìdá kan nínú méjìdínlọ́gbọ̀n. Tó bá gbà pé ó ṣeé ṣe kí mọ́tò náà ṣègbé pátápátá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, owó náà kò pọ̀. Tó bá rò pé kò lè tó bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó kù ni bóyá ó ní ₦6,000,000 mìíràn nílé. Kò ní. (Ó tún lọ ka ìwé kọ́mpíríhẹ́nsíìfù, ó sì rí i pé omíyalé kò sí nínú rẹ̀ àfi téèyàn bá san owó lé e. Ìbàdàn la wà o.)

Aṣojú wá rántí pé ìwé kẹta wà láàárín: tẹ́ẹ̀dì pátì tó fi iná àti olè kún un. Akọ̀wé yín yára ṣírò. Ó máa dá ₦90,000 àtúnṣe san, nítorí náà ìwé èyíkéyìí tí owó rẹ̀ kò bá tó ₦232,000 máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju kọ́mpíríhẹ́nsíìfù lọ. Ó ti gbé fóònù láti béèrè iye rẹ̀ nígbà tí Ìyá Ṣadé béèrè bóyá ìwé náà máa sanwó tí mọ́tò bá fọ́ yángá nínú ìjàǹbá.

Kò ní san án.

Ìyá Ṣadé wá tọ́ka sí rìsíìtì Challenge àti ti òpó géètì lórí tábìlì, ó ní, “Ta ló ń wà á?”