Ẹ Bá Mi Gún Orógbó

Àbúrò mi ọkùnrin ló fẹ́ gbéyàwó. Ìjerò ni tiwa, Aràmọkọ ni ilé ìyàwó, alága ìjókòó sì ti Ẹ̀fọ̀n wá. Ẹrù ìdána ti pé, ó ku káàdì tí a máa so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni wọ́n gbé e fún, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi dá sí i.

Àwọn tó ń kọ "Ọlọ́run á bù kún yín" sára gbogbo ẹrù ló máa ń bí mi nínú. Àdúrà tó bá gbogbo ẹrù mu kò bá ìkankan mu! Àwọn ẹrù kan wà tó jẹ́ orúkọ wọn la fi ń wúre: obì ni a fi ń bi ikú dànù, orógbó ni a fi ń gbó. Ìwà la ń wò lára àwọn yòókù: ọmọ inú ataare kan ṣoṣo pọ̀ lọ jàra, oyin ń dùn, orí ni ẹja fi ń la ibú. Àwọn baba wa tó ń pàrokò mọ iṣẹ́ yìí ju gbogbo wa lọ. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ síni, ẹ̀fà ni, ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ ń fà síni nìyẹn. Bí ẹnìkan bá fi ọ̀kan kún un lójú ọ̀nà, iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú Excel: orúkọ ẹrù ní òpó kìn-ín-ní, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òpó kejì. Orúkọ máa wà lójú káàdì, ọ̀rọ̀ máa wà nínú. Mo tún fi ọgbọ́n orí mi kún un: mi ò dárúkọ ẹrù mọ́ nínú ọ̀rọ̀, "èyí" ni mo ń pè é.

Lálẹ́ tó ṣáájú ìdána, ìyá wa ní kí n to orúkọ ẹrù ní a-b-d kí òun lè rí i kà. Mo yan òpó orúkọ nìkan, mo ní kí ẹ̀rọ tò ó. Ó béèrè lọ́wọ́ mi, `Expand the selection` àbí `Continue with the current selection`? Èkejì ni mo tẹ̀, torí pé mo ń kánjú. Orúkọ ṣí kúrò ní ààyè wọn, ọ̀rọ̀ kò mira. Ataare bọ́ sídìí ọ̀rọ̀ obì, ẹja bọ́ sídìí ti orógbó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rìn dé orí oyin. Ká ní mo ka ìlà kan péré kí n tó tẹ̀ ẹ́ sórí páálí, ǹ bá ti rí i.

Alága gbé obì sókè, ó ṣí káàdì. "Láìsí èyí, ọbẹ̀ ò ṣe é jẹ." Ó wo obì, ó wo wa. "Ẹ̀yin ará Ìjerò, obì lẹ fi ń se ọbẹ̀?"

Ó kan orógbó. "Ẹ bó o, ẹ sè é, ẹ gún un, ẹ fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí jẹ ẹ́, kí ebi má wọ ilé yín." Ní Èkìtì, a kì í fi iyán ṣeré. Bàbá ìyàwó dìde, wọ́n fẹ́ mọ iye orógbó tó ń kún odó kan.

Ataare ò burú jù. Bíbi ikú dànù, kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n oyin: "Orí ni èyí fi ń la ibú já." Alága dorí ìgò kodò, ó ní òun ń wò ó bóyá ó máa lúwẹ̀ẹ́.

Iṣu ló pa mí. "Àwọn tó ṣe èyí ń ta ni bí iná, síbẹ̀ dídùn ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn." Ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó gbin iṣu náà wà lórí àga níwájú. Wọ́n rọra yí ojú sí mi.

Ẹja àrọ̀ gbígbẹ ló kẹ́yìn. "Bí èyí ṣe ń gbó sí i, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa gbó sí i." Alága gbé ẹja súnmọ́ imú. "Ọjọ́ wo gan-an lẹ rà á?" Canopy méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó.

Ohun tó dùn mí ni pé láti orí káàdì kejì ni obìnrin yẹn ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo àdúrà yẹn ló mọ̀ lórí. Ó lè pa káàdì tì kó wúre bó ṣe yẹ. Ó kọ̀, ó ń kà á lọ, torí pé owó ìtanràn ń wọlé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá wa ní Alárá àti Ajerò kì í ṣe àjèjì síra wọn nínú Ifá, kí ó bá wa dín in kù nítorí ìyẹn. Ó ní Aláayè ni ọba tòun, òun ò sí nínú ìyẹn.

Àpò mi ni owó náà ti jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá ìyàwó ránṣẹ́ sí mi láti Aràmọkọ: wọ́n ní àwọn ti gún orógbó náà títí, iyán rẹ̀ ò fà.