Ẹbí Ta Nìwọ̀nyí?

Bí ẹ bá gbé fótò ẹbí lọ bá ayàwòrán etí títì nílé pé kó fi ọ̀dà yà á, ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ fi dá yín lágara: èwo ni àkọ́bí, ṣé ilà nìyí àbí àpá? Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ẹ̀rọ kì í béèrè. Ẹ gbé fótò fún Stable Diffusion, kí ẹ tó mu omi tán, ó ti yan ẹbí mìíràn fún yín.

Fótò ọjọ́ ìbí Màmá mi n'Ìbàdàn ni mo fi ṣe é, èèyàn 17 nínú aṣọ ẹbí. Aṣọ jáde dáadáa, gèlè ń dán. Ṣùgbọ́n pélé Màmá ti pòórá, èéjí àǹtí mi ti dí, ẹ̀gbọ́n mi àti àna rẹ̀ sì ti di ìbejì. Mo fi í ránṣẹ́ sílé. Màmá ní, “Ó mà dáa o. Ẹbí ta nìwọ̀nyí?”

Ẹ̀rọ náà máa ń sún fótò kì kó tó fọwọ́ kàn án ni: píksẹ́lì 8 ní ìbú àti 8 ní òró á di àpótí kan ṣoṣo. Nínú fótò wa, ojú Màmá kò fẹ̀ ju píksẹ́lì 64 lọ, ìyẹn àpótí 8 láti etí kan dé èkejì. Níbo ni pélé fẹ́ dúró sí? Ohun tí kò bá ríran rí, á fi ojú tó ti mọ̀ níbòmíràn dí i, àwọn olójú yẹn kò sì dé Ìbàdàn rí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ya aṣọ àti ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ ojú inú fótò gidi padà síbẹ̀, kí ẹ wá lo Inpaint pẹ̀lú Only masked. Èyí á gé ojú náà, á fẹ̀ ẹ́ lójú dé ìwọ̀n tí ẹ bá yàn, bíi píksẹ́lì 768, á yà á, á sì dá a padà sáyè rẹ̀. Ojú kan lẹ́ẹ̀kan o! Bí ẹ bá sàmì sí ẹni tó wà lápá òsì àti ẹni tó wà lápá ọ̀tún pọ̀, gbogbo ohun tó wà láàárín wọn ló máa gé, ojú á sì tún kéré bíi tàtẹ̀yìnwá. Denoising strength ni ìwọ̀n àyídà: ní 0.3, pélé Màmá dúró, ní 0.5, ó di ìhunjọ ara àgbà. Àmọ́ ọmọ tó mirí nígbà tí wọ́n ń yà á, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fífẹ̀ kò lè mú ohun tí kámẹ́rà kò rí jáde.

Ẹ má fúnra yín ṣe adájọ́ bóyá ojú jọ, torí ẹ ti mọ ibi tí oníkálùkù dúró sí. Mo gé ojú kọ̀ọ̀kan, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n Màmá lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ orúkọ. Wọ́n dá gbogbo wọn mọ̀, àfi ọkùnrin kan lẹ́yìn. Mo bá fi ojú rẹ̀ inú fótò gidi ránṣẹ́. Wọn ò mọ̀ ọ́n níbẹ̀ náà, Màmá ò sì mọ̀ ọ́n. Mogbọ́-moyà ni, ó sì ra aṣọ ẹbí wa.