Ìwé Tí Mo Ń Tà, Tí Mo Ń Jẹ Gbèsè

Mo kọ ìwé kan lórí ìtàn àdúgbò wa ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ìwé náà sì tà. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ká ní kò tà ni, ǹ bá kó o sábẹ́ ibùsùn kí n gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá ra ẹ̀dà kan nílé ìtàwé ní Ọyẹ́, ₦205 ló ń jáde lápò tèmi. Bí wọ́n bá sì ra mẹ́wàá, inú mi á dùn títí màá fi rántí. Tíṣà ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn tí mo kọ́ ní ìpín àti ìsọdipúpọ̀ ṣì wà láyé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún wọn.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Adó-Èkìtì ni mo gbé iṣẹ́ náà lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, inú fláàṣì ló wà. Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀wà hù. Ó fún mi ní àga, ó bèèrè pé, "Ojú ewé mélòó ni, Tíṣà?"

Mo ní 163.

"Kò sí ìwé tó ń jẹ́ 163, sà."

Mo wò ó bí mo ṣe máa ń wo ọmọ kíláàsì kejì tó bá ní méjì àti méjì jẹ́ márùn-ún. Kò dá mi lóhùn. Ó fa bébà funfun kan yọ, ó ká a sí méjì, ó tún un ká, ó tún un ká lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá fi bírò kọ nọ́ńbà sí ojú kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 16. Nígbà tó tú bébà náà sílẹ̀, àwọn nọ́ńbà ọ̀hún ti tú ká, òmíràn dorí kodò, 16 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1. Ó ní bí ẹ̀rọ àwọn ṣe ń tẹ ìwé nìyẹn: ojú mẹ́jọ níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn, wọ́n á wá ká a, wọ́n á gé etí rẹ̀. Pléètì kan fún iwájú, pléètì kan fún ẹ̀yìn. Ojú ewé 160 jẹ́ ìdì mẹ́wàá, pléètì 20. Mẹ́ta tó kù kò ní ibi tí yóò dúró sí. Ewé kan ní ojú méjì, bébà tí a sì ká lẹ́ẹ̀kan ní ojú mẹ́rin, nítorí náà 163 gbọ́dọ̀ di 164, kí ojú kan wà lófìfo, kí n sì san owó pléètì kọkànlélógún.

"Kí ló wà nínú ojú ewé mẹ́ta yẹn, sà?"

Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò, ẹgbẹ́ akọrin, àwọn àna mi ní Ìtàjí àti ní Ayédé, àti ẹni tó yá mi ní jẹnẹrétọ̀. Ó ní kí n dín in kù sínú ojú kan, kí n dín lẹ́tà inú ìwé kékeré díẹ̀, yóò sì wọ inú 160 láìsí ariwo. Mo kọ̀. Mo ní èèyàn kì í fi owó ṣọ́ra nínú ọ̀rọ̀ ọpẹ́. Pléètì kan àti títẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦6,000, bébà rẹ̀ ń lọ sí ₦5,000, wọ́n sì tún máa fọwọ́ kì í bọ inú ìwé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo fi ẹnu ara mi sọ pé ìyẹn kéré.

Ó wá ṣírò bébà lójú mi. Ìwọ̀n A5 ni ìwé náà. Bébà ńlá kan láti inú ríìmù ń fún wa ní ìdì méjì, ojú ewé 32. Ìwé kan tó jẹ́ 160 yóò wá gba bébà ńlá márùn-ún, ẹ̀dà 500 yóò gba 2,500. Bébà 500 ló wà nínú ríìmù kan, ríìmù márùn-ún nìyẹn. Ó fi ẹ̀kẹfà sí i fún ojú mẹ́rin tèmi àti fún èyí tó máa bàjẹ́, nítorí ẹ̀rọ kì í tẹ dáadáa láti orí bébà àkọ́kọ́. Wọ́n á sọ díẹ̀ nù kí yíǹkì tó dúró. Ríìmù kan jẹ́ ₦34,000 lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n san owó bébà kíá, torí iye yẹn kò ní pẹ́ yí padà.

Mo ní kí n kórè iṣu ná. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ilé-iṣẹ́ bébà mẹ́ta ni ìjọba dá sílẹ̀, ní Ìwọ̀pìn, ní Jẹ́bà àti ní Okù-Ìbòkù, mo gbàgbé pé ojú omi ni ọ̀pọ̀ bébà tí a ń lò ń gbà wọlé báyìí, àti pé láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, bí dọ́là bá sín, bébà á gbọn. Nígbà tí mo fi dé pẹ̀lú owó iṣu, ríìmù ti di ₦40,000.

Bí owó náà ṣe lọ nìyí. Bébà inú, ₦240,000. Pléètì 21 àti títẹ̀ wọn, ₦126,000. Èèpo ìwé, tí í ṣe káàdì dídán oníkọ́lọ̀ pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó, ₦90,000. Gọ́ọ̀mù lílẹ̀ àti etí gígé, ₦50,000. Títẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà àti yíyàwòrán èèpo, ₦70,000. Ọkọ̀ láti Adó sí Ìkọ̀lé, ₦14,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦590,000. Mo fi 500 pín in, ẹ̀dà kan jẹ́ ₦1,180. Mo wá sọ lọ́kàn ara mi pé bí mo bá tà á ní ₦1,500, èrè ₦320 wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n tẹ "₦1,500" gàdàgbà sẹ́yìn ìwé, kí òǹtàwé kankan má baà rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Ohun tí mi ò rí nínú ₦590,000 yẹn ni pé oríṣi owó méjì ló wà nínú rẹ̀. Pléètì, kọ̀ǹpútà, ọkọ̀, àti ₦30,000 tí pléètì èèpo ìwé gbà, ₦240,000 ni gbogbo wọn, iye kan náà sì ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bóyá ẹ̀dà 100 ni mo tẹ̀ tàbí 1,000. Bébà, káàdì àti gọ́ọ̀mù ni ìwé kọ̀ọ̀kan ń jẹ fúnra rẹ̀, ₦700. Ká ní 100 ni mo tẹ̀, ẹ̀dà kan yóò di ₦3,100. Ká ní 1,000 ni, yóò di ₦940. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń rọ̀ mí pé kí n tẹ 1,000 kí iye ẹ̀dà kan lè dín kù. Ó ṣe mí bíi kí n gbà. Ṣùgbọ́n láti jèrè ₦240 lórí ẹ̀dà kan, mo máa ná ₦350,000 sí i, mi ò sì mọ ẹni tí yóò ra 500 kejì. Ìyẹn nìkan ni ọgbọ́n tí mo fi hàn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, àìlówó ló sì fún mi ní ọgbọ́n náà.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti èèpo ìwé, nítorí ojú ń tì mí. Mo fẹ́ kí ìwé mi sanra bí atúmọ̀-èdè. Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi mìlímítà 15 sílẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ tí a ń kọ àkọlé sí. Ewé 82 ló wà nínú ìwé ojú 164, bébà náà sì fúyẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò ju mìlímítà méje lọ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ẹni tó bá mọṣẹ́ máa ń kó bébà òfìfo tó jẹ́ iye ewé náà gan-an jọ, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á fi rúlà wọ̀n ọ́n, kí ó tó fọwọ́ kan èèpo. Àkọlé tèmi kò rí àyè dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì lẹ́tà rọra yí kọ́nà bọ́ sẹ́yìn ìwé. Tí ẹ bá gbé e sórí pẹpẹ, ẹ ó rò pé ó fẹ́ sá lọ.

A kó ìwé jáde ní gbọ̀ngàn àdúgbò ní oṣù kejìlá. Orin dùn, ìrẹsì tó. Àwọn tó jókòó níwájú gba ẹ̀dà tiwọn, wọ́n sì ṣèlérí owó. Mo kó mẹ́ta sọ́tọ̀ fún Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ bí òfin ṣe wí, mo fún àwọn àgbà, mo fún gbogbo ẹni tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ojú ewé mẹ́ta ọ̀hún. Nígbà tí mo ka ìyókù, tí mo yọ àwọn tí abẹ gígé ti já ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, 440 ló kù láti tà.

Mo wá gbé díẹ̀ lọ sí ilé ìtàwé kan ní Ọyẹ́, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gbà kọjá. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣí i láàárín, ó fa ewé kan díẹ̀ láti mọ̀ bóyá gọ́ọ̀mù mú un, ó ní ó dára.

"Kọmíṣánnì tiwa jẹ́ mẹ́tàdínlógójì lé díẹ̀—rárá, márùndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún ni fún yín, Bàbá, torí ẹ jẹ́ àgbà."

Mo dúpẹ́, mo tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Inú ọkọ̀, bí a ṣe kọjá Ìlúpéjú, ni mo tó ṣírò rẹ̀. Márùndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún ₦1,500 jẹ́ ₦525. Ó ku ₦975 fún mi, ìwé tí mo fi ₦1,180 tẹ̀. Ìyẹn kò tíì ka àwọn ọ̀fẹ́. Bí mo bá fi 440 pín ₦590,000, ẹ̀dà kan ti di ₦1,341.

Alẹ́ yẹn ni mo ṣe ìṣirò tó yẹ kí n ti ṣe ní Adó. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ara mi pé ẹ̀dà mélòó ló máa tà ní tòótọ́. Mo fi sí 300. ₦590,000 lórí 300 jẹ́ ₦1,967. Nítorí 65 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló máa wọlé, mo fi 0.65 pín in, ó di ₦3,026. Ohun tó yẹ kí n kọ sẹ́yìn ìwé nìyẹn, bíi ìlọ́po méjì àbọ̀ owó ìtẹ̀wé, kí owó mi kàn tiẹ̀ padà. Èrè kò tíì sí níbẹ̀.

Mo ra sítíkà. Èmi àti ìyàwó mi jókòó ní pálọ̀, a lẹ "₦3,000" mọ́ orí "₦1,500" títí ọwọ́ fi wú wa. Oòrùn Ọyẹ́ kò fẹ́ràn sítíkà olówó pọ́ọ́kú. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ kan nígbà tí ọmọbìnrin kan mú ìwé mi, ó rí etí sítíkà tó ti ká sókè, ó fi èékánná gbá a, ó ṣí i pátápátá.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Mọ́mì, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ ni wọ́n kọ síbí o."

Ìyá wò mí. Ọmọbìnrin náà wo àwòrán mi lẹ́yìn ìwé, ó wò mí. Mo ní òótọ́ ni, ₦1,500 ni. Ó ra méjì.

Mo ti tún un tẹ̀ báyìí. Ojú ewé 160 gééré, kò sí iye owó kankan lẹ́yìn, wọ́n sì ti fi bébà òfìfo wọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ti di ìlà mẹ́rin. Àwọn àna mi ní Ìtàjí ti rí i, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pé àwọn kò ní ra ọ̀kan, pàápàá ní ₦3,000.