Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìlú Òyìnbó

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn tó pa òwe yìí kò bá ẹni tí wọn kò rí rí sọ̀rọ̀ rí. Ọmọlúàbí tí wọ́n ń sọ jókòó níwájú wọn, ó mọ ilé tí wọ́n ti wá, ó sì mọ ohun tó gbé wọn dé kí wọ́n tó la ẹnu. Kò sí ìyanu níbẹ̀ bí àbọ̀ bá di odidi. Ìdajì yòókù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fojú inú dá ọmọkùnrin kan ní Òkè-Bùkún, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà-Bùnú. Kí a máa pè é ní Akọ̀wé. Ó ti gboyè nínú iṣẹ́ àgbẹ̀, ó ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan, ó wá fẹ́ lọ kàwé sí i ní ìlú òyìnbó. Ó rí obìnrin ọ̀jọ̀gbọ́n kan lórí ẹ̀rọ ayélujára tó ń ṣèwádìí lórí ilẹ̀ tí a ń gbin iṣu sí, ó sì pinnu láti kọ ímeèlì sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ ara wọn rí.

Ìkíni ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, "okun" la fi ń kíni, òun náà ni wọ́n fi ń pe gbogbo wa: Òwé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Òwòrò. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, okun. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, okun. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, okun náà ni. Akọ̀wé wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ títí, ó bọ́ sórí "ẹ kú iṣẹ́", ó sì tẹ "Well done". Olùkọ́ ló ń sọ èyí fún ọmọ tó gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá lọ́hùn-ún, oníbàárà sì ń sọ ọ́ nílé oúnjẹ nígbà tó bá fẹ́ kí ẹran òun jinná dáadáa. Àlejò tí ọ̀jọ̀gbọ́n kò mọ̀ ti gbóríyìn fún un bí ọmọ iléèwé.

Ó tún rántí pé òun ń yọ wọ́n lẹ́nu, ó ní kí wọ́n má bínú: "Please do not be annoyed". Obìnrin tí inú rẹ̀ ń dùn jẹ́jẹ́ wá ń ronú ohun tó yẹ kó bí òun nínú. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ olùkọ́ rẹ̀ tó ní kó kọ̀wé, ó sì bọ̀wọ̀ fún un: "My lecturer, they said I should write you". Olùkọ́ kan ṣoṣo ni, ọ̀wọ̀ ló sọ ọ́ di púpọ̀. Lóde òní ẹ̀wẹ̀, àwọn òyìnbó kan ń lo "they" fún ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹ wo ibi tí baba olóyè ẹni ọgọ́ta ọdún bá ara rẹ̀ láìjáde nílé.

Gbogbo ìyẹn rọrùn. Ibi tí òwe àgbà ti bá Akọ̀wé lò gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó kí odidi, ó gbàdúrà odidi, ó ròyìn ìdílé rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba ńlá, àmọ́ nígbà tó kan ohun tó ń fẹ́, ó ní òun nílò ìrànlọ́wọ́ wọn, ó dákẹ́. Lójú tirẹ̀, ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, ta ló ń já sí ọ̀rọ̀ bí ẹni ń já sí kòtò? Àmọ́ ìwé tó kún fún ìkíni gígùn, àdúrà, orúkọ Ọlọ́run àti ìrànlọ́wọ́ tí a kò sọ irú èyí tó jẹ́, tó sì ti Nàìjíríà wá, àwọn òyìnbó ti rí irú rẹ̀ rí. Abala 419 nínú ìwé òfin ọ̀daràn ilẹ̀ wa ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọlúàbí Òkè-Bùkún àti oníjìbìtì wọ aṣọ kan náà wọlé, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò sì ní àyè láti yẹ̀ wọ́n wò.

Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe yóò kọ́kọ́ fi òtítọ́ kan sọ́kàn: "ẹ" tiwa ni ọ̀wọ̀ wa ń gbé, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní "ẹ". "Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí" ní ìbọ̀wọ̀ nínú. Bí a bá tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, "I want you to accept me", àṣẹ ọ̀gá ló dà. Ọ̀rọ̀ ìṣe àti ìbéèrè ni òyìnbó ń kó ọ̀wọ̀ tirẹ̀ sí. Ohun tí Akọ̀wé ń fẹ́ gan-an, tí ó bá sọ ọ́ ní odidi, kò ju báyìí lọ:

```
Subject: MSc applicant, 2026 entry: soil nitrogen under yam

Dear Professor [Surname],
Would you be taking on MSc students in September 2026?
```

Ìlà àkọ́kọ́ ti sọ ẹni tó ń kọ̀wé, ọdún àti ẹ̀kọ́ tó ń fẹ́. Orúkọ ìdílé ọ̀jọ̀gbọ́n ló wà lẹ́yìn oyè, kì í ṣe "Sir", pàápàá fún obìnrin. Lẹ́yìn ìbéèrè yẹn, kí ó sọ ìwádìí kan ṣoṣo tí obìnrin náà ti tẹ̀ jáde tí òun kà, àti ohun tó jọ ọ́ nínú iṣẹ́ tí òun fi gboyè. Kí gbogbo rẹ̀ má kọjá igba ọ̀rọ̀. Ìtàn baba ńlá kò sí níbẹ̀. Kí Ọlọ́run bù kún wọn náà kò sí níbẹ̀. Ó lè gba àdúrà yẹn lórí eékún, kò sí ẹni tó ní kó má gbà á.

Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ gbólóhùn tó gbé Yorùbá sábẹ́? Kí ó tú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ padà. Bí gbogbo ẹyọ ọ̀rọ̀ bá padà sí ipò wọn láìsí ìjà, kí ó fura. Àwọn kan ń fi ìwé wọn han ọ̀rẹ́ tó jẹ́ Ebira tàbí Igala, nítorí kò gbọ́ Yorùbá. Èyí ṣiṣẹ́ fún "they said", àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ fún "Well done", nítorí Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà kan náà ni gbogbo wa ń sọ, òun náà yóò sì dáhùn pé "Thank you". Fún irú ìyẹn, kí ó tẹ gbólóhùn náà sínú Google láàárín àmì àyọlò, kí ó fi ìkápá àwọn yunifásítì Bìrìtìkó sí i:

```
"I am humbly writing" site:ac.uk
```

Bí èsì bá ṣọ̀wọ́n lọ́hùn-ún, tó sì pọ̀ bí ó bá fi site:ng rọ́pò rẹ̀, ilé ni gbólóhùn náà ń gbé. Kì í ṣe ẹ̀rí tó pé, ó tó láti mú un tún ìlà kan kọ.

Àwọn kan yóò ní Amos Tutùọlá ńkọ́? Lóòótọ́, ọmọ Abẹ́òkúta yẹn kọ ìwé tó fi Yorùbá hàn nínú Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1952, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìtàn ọ̀mùtí tó tọ ẹlẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú ló ń tà. Akọ̀wé ń tọrọ ààyè ní ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, kí ó rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan ní ìlà méjì, kí ó fi sílẹ̀. Bí èsì bá sì dé, wàhálà mìíràn ni, nítorí obìnrin náà yóò fi orúkọ àbísọ rẹ̀ nìkan parí ìwé. Akọ̀wé yóò tẹ "Dear Helen", yóò pa á rẹ́, yóò tún un tẹ̀, yóò sì pe àbúrò rẹ̀ láti wá bá òun tẹ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́, kó má baà jẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ ló pe àgbàlagbà lórúkọ.